Owó ìjókòó 30: bí a ṣe ń pa owó póókà mọ́ nígbà tí káàdì bá kọ̀

Ní ilé kan ní Kàbà, àwa mẹ́fà máa ń pé jọ lálẹ́ Sátidé láti ta póókà, irú èyí tí wọ́n ń pín káàdì méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń ṣí márùn-ún sílẹ̀ láàárín. Bíláíńdì kékeré, ìyẹn owó tí ẹni tó kàn gbọ́dọ̀ fi lélẹ̀ kó tó wo káàdì rẹ̀, jẹ́ 50 náírà. Bíláíńdì ńlá jẹ́ 100. Ẹni tó bá fẹ́ ta á gbé 10,000 náírà jókòó, tó jẹ́ bíláíńdì ńlá 100. Iye yìí ni màá máa pè ní owó ìjókòó kan.

Àbúrò kan wà láàárín wa tó mọ eré náà ju gbogbo wa lọ. Ó ní sùúrù, kì í bá káàdì tí kò dáa rìn jìnnà, ó sì máa ń mọ ìgbà tí ẹlòmíràn bá ń dẹ́rù bani lásán. Ó ya 100,000 náírà sọ́tọ̀, ó ta fún oṣù 10, Sátidé 40. Owó náà tán pátápátá. Lálẹ́ ọjọ́ tó tán, nígbà tí a jọ ń rìn lọ sílé, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé mi ò mọ póókà ni?”

Mi ò dá a lóhùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní kó gbé ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ wá lọ́jọ́ kejì, a sì jókòó tì í títí ọ̀sán fi pọ́n. Ohun tí a rí nínú ìwé yẹn, àti ọ̀nà tó ń gbà ṣètò owó rẹ̀ láti ìgbà náà, ni mo kọ síbí ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ ya owó náà sọ́tọ̀

Àgbẹ̀ tó bá wa iṣu tán máa ń ya èbù sọ́tọ̀ kí ìyókù tó wọ inú ìkòkò tàbí kó lọ sọ́jà. Bó ti wù kí ebi pa á kí òjò tó dé, kò ní gún èbù níyán. Owó póókà gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ohun kan wà tó fi yàtọ̀. Bí èbù bá jẹrà nínú ebè, gbogbo ilé ló máa fara gbá a. Owó póókà ní láti jẹ́ èyí tó jẹ́ pé bó bá jẹrà tán, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n lára oúnjẹ, owó iléèwé tàbí owó ilé ìwòsàn. Bí ẹ kò bá ní irú owó bẹ́ẹ̀ báyìí, ẹ má tíì ta á.

Ẹ fi í sínú àkáǹtì tirẹ̀, tàbí inú àpò tí a kì í mú náwó lọ́jà. Owó èésú tó bá kàn yín kò sí lára rẹ̀, nítorí pé gbèsè ṣì wà lọ́rùn yín títí gbogbo ẹgbẹ́ yóò fi kó tiwọn tán. Owó tí a yá náà kò sí níbẹ̀: olówó á dá ọjọ́, káàdì kò sì mọ ọjọ́ tí olówó dá.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ lóru ọjọ́ náà gan-an

Ọjọ́, wákàtí tí ẹ fi ta á, iye tí ẹ gbé lọ, iye tí ẹ gbé bọ̀, àti iye tí onílé gbà lọ́wọ́ yín. Márùn-ún yìí tó. Ẹ kọ ọ́ kí ẹ tó sùn, torí pé bí ilẹ̀ bá mọ́, ọkàn á ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín àdánù kù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi bíláíńdì ńlá pín owó náà. Ẹni tó pàdánù 6,000 náírà lórí tábìlì wa pàdánù bíláíńdì 60. Orí bíláíńdì ni gbogbo ìṣirò tó kù dúró lé, kó má bàa sí ìyàtọ̀ láàárín tábìlì ńlá àti kékeré.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mọ bí ìfì ṣe tóbi tó

Ibí ni mo fẹ́ kí a dúró lé dáadáa, torí pé ibí ni ọ̀pọ̀ atapóókà tó mọṣẹ́ ti ń sọ ìrètí nù, tí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n sì ti ń rò pé àwọn ti di ọ̀gá.

Ẹ jẹ́ kí á pe ìgbà kan tí wọ́n pín káàdì, títí ẹnì kan fi kó owó àárín, ní ọwọ́ kan. Ẹni tó mọ eré lórí tábìlì ènìyàn mẹ́fà lè máa jẹ èrè bíláíńdì 5 nínú ọwọ́ 100. Ìpíndọ́gba ni 5 yẹn. Bí ẹ bá mú ọwọ́ 100 kan ṣoṣo wò, ẹ ò ní rí 5 níbẹ̀. Owó náà máa ń fì síwá fì sẹ́yìn ní nǹkan bí bíláíńdì 90. 90 yìí ni mo ń pè ní ìfì. Ó lè dín díẹ̀ fún ẹni tó ń ṣọ́ra, ó sì lè lé díẹ̀ fún ẹni tó ń ta á gbóná gbóná, àmọ́ ó máa ń ju èrè lọ ní ìlọ́po ìlọ́po.

Èrè àti ìfì kì í dàgbà bákan náà. Bí ọwọ́ bá di ìlọ́po 4, èrè á di ìlọ́po 4, ìfì á di ìlọ́po 2 péré. Bí ọwọ́ bá di ìlọ́po 100, ìfì á di ìlọ́po 10. Nítorí náà, ọgbọ́n á borí oríire bó pẹ́ bó yá. Ohun tó yẹ ká bi ara wa ni pé báwo ni yóò ṣe pẹ́ tó.

Ẹ wo tábìlì wa. Tí a bá ń fi ọwọ́ pín káàdì, nǹkan bí ọwọ́ 25 là ń ta láàárín wákàtí kan. Wákàtí 5 ní Sátidé jẹ́ ọwọ́ 125. Sátidé 52 jẹ́ ọwọ́ 6,500. Nínú ọdún kan yẹn, ẹni tí èrè rẹ̀ jẹ́ 5 ń retí bíláíńdì 325, ìyẹn 32,500 náírà. Ìfì ọdún náà jẹ́ nǹkan bí bíláíńdì 725, ìyẹn 72,500 náírà. Ìfì ju èrè lọ ní ìlọ́po méjì àti díẹ̀. Bí a bá ṣírò rẹ̀ parí, ẹni yìí, tó mọ eré dájúdájú, máa parí ọdún pẹ̀lú àdánù ní ìgbà bí 33 nínú 100. Ẹ kó irú rẹ̀ mẹ́ta jọ, kí wọ́n ta á fún odindi ọdún láìṣe àṣìṣe kankan, ẹ máa retí pé ọ̀kan nínú wọn á pàdánù.

Kí ó tó di pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ á ṣàdánù ní ìgbà bí 4 péré nínú 100, ó ní láti ta ọwọ́ 100,000. Lórí tábìlì wa, ọdún 15 nìyẹn. Àwọn tó ń ta á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ṣí tábìlì mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, lè rí nǹkan bí ọwọ́ 280 ní wákàtí kan, tó fi jẹ́ pé ọdún kan tiwa jẹ́ nǹkan bí wákàtí 23 péré lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tó bá ń ta á nílé ní Kàbà tàbí Ìsánlú kò gbọ́dọ̀ fi bí tọ̀hún ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa “oṣù burúkú” wọn ara rẹ̀. Oṣù burúkú tọ̀hún lè jẹ́ ọdún púpọ̀ níbí.

Ohun kan tún wà nínú ìṣirò yìí tó máa ń dun ẹni tó bá ń jẹ èrè. Lẹ́yìn ọwọ́ 6,500, ohun tí ìwé yín sọ pé ẹ ń jẹ lè fì sókè tàbí sísàlẹ̀ ní nǹkan bí 11 nínú ọwọ́ 100. Bí ìwé bá sọ pé 5, ó lè jẹ́ 16 ní tòótọ́, ó sì lè jẹ́ pé bíláíńdì 6 lẹ ń pàdánù nínú ọwọ́ 100 kọ̀ọ̀kan tí oríire sì ń bò yín láṣìírí. Ọdún kan kò tó láti pe ara ẹni ní ọ̀gá. Kò sì tó láti pe ara ẹni ní òpè.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ṣírò owó ìjókòó tó yẹ kí ẹ ní

Ìlànà kan wà tí àwọn onímọ̀ ìṣirò máa ń lò láti mọ bó ṣe ṣeé ṣe tó pé owó á tán. Ó wọ inú ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù dáadáa bí ẹ bá rí `exp` tàbí `e^x` níbẹ̀:

```
R = exp(-2 * w * B / s^2)
```

`w` ni èrè yín nínú ọwọ́ 100, `s` ni ìfì, `B` ni gbogbo owó póókà yín, ẹ sì fi bíláíńdì ka gbogbo wọn. `R` ni ohun tí ìṣirò bí: 0.30 túmọ̀ sí pé nínú ènìyàn 100 tó ń ta á bíi tiyín, owó 30 á tán.

Fún èrè 5 àti ìfì 90, ẹni tó ní owó ìjókòó 10, ìyẹn bíláíńdì 1,000, á rí 0.29. Owó ìjókòó 20 á fún un ní 0.08. Owó ìjókòó 30 á fún un ní 0.025, 40 á sì fún un ní 0.007. Ní tèmi, 30 ló bójú mu fún ẹni tó ń fi póókà ṣeré ìrọ̀lẹ́ tó sì níṣẹ́ lọ́wọ́, 40 fún ẹni tí kò ní rí owó mìíràn fi rọ́pò rẹ̀ tó bá tán. Àwọn tó ń díje nínú ìdíje póókà, níbi tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó wọlé kì í rí nǹkan kan mú bọ̀, ní láti ní ó kéré tán 100.

Nígbà tí mo fi ìlànà yìí ka owó àbúrò mi, mo kọ́kọ́ rí 29 nínú 100. Mo sọ fún un pé ìkan nínú mẹ́ta ló bá pàdé. Lẹ́yìn náà ni mo wo òpó tó gbẹ̀yìn nínú ìwé rẹ̀.

Onílé máa ń gba 500 náírà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ní Sátidé fún epo jẹnẹrétọ̀. Kò sẹ́ni tó ka owó yẹn sí lára wa, torí pé owó kékeré ni, iná sì ni gbogbo wa ń lò. Àmọ́ 500 náírà jẹ́ bíláíńdì 5 lórí ọwọ́ 125, ìyẹn bíláíńdì 4 nínú ọwọ́ 100. Èrè 5 tí àbúrò mi ń jẹ ti di 1! Ní Sátidé 40, ó ti san 20,000 náírà fún epo, owó ìjókòó méjì odindi. Bí a bá fi 1 sí ipò `w`, pẹ̀lú bíláíńdì 1,000 tó ní, `R` á di 0.78. Kì í ṣe ìkan nínú mẹ́ta ló bá pàdé. Nínú ènìyàn 100 tó ta á bíi tirẹ̀, 78 ni owó wọn máa tán bó pẹ́ bó yá. Owó ìjókòó 30 pàápàá kì bá gbà á: èrè 1 pẹ̀lú bíláíńdì 3,000 ṣì ń fúnni ní 0.48.

Mo bẹ̀ yín, ẹ yọ owó epo, owó oúnjẹ àti ohunkóhun tí onílé bá ń mú nínú owó àárín kí ẹ tó kọ `w` sílẹ̀. Bí ohun tó kù bá jẹ́ 0 tàbí kó dín sí i, kò sí iye owó tó lè dáàbò bo yín. Yíyí tábìlì padà nìkan ló kù.

Bákan náà ni ẹni tó ń kó gbogbo èrè rẹ̀ jáde ní oṣù kọ̀ọ̀kan ṣe ń sọ `w` ara rẹ̀ di 0. Bí ẹ bá fẹ́ mú nínú rẹ̀, ẹ mú kìkì èyí tó bá lé sí owó ìjókòó 40.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ pinnu ibi tí ẹ máa ti sọ̀kalẹ̀ kí ẹ tó jókòó

Ìlànà òkè yẹn rò pé ẹ ò ní kúrò lórí tábìlì kan náà títí owó á fi tán. Ẹni tó bá ń sọ̀kalẹ̀ sí tábìlì kékeré nígbà tí owó bá ń lọ sílẹ̀ kì í tètè rí òpin owó rẹ̀. Chris Ferguson, tó gba ìdíje póókà àgbáyé ní ọdún 2000, fi èyí han gbogbo ènìyàn nígbà tó bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, láìfi owó kankan sílẹ̀, tó sì dé 10,000 dọ́là. Òfin tó tẹ̀ lé ni pé kò gbọ́dọ̀ gbé ju 5 nínú 100 owó rẹ̀ jókòó sídìí tábìlì kan, ìyẹn owó ìjókòó 20.

Èyí ni òfin tí èmi àti àbúrò mi kọ sẹ́yìn ìwé rẹ̀. Ó tún kó 120,000 náírà jọ díẹ̀díẹ̀ láti inú iṣẹ́ rẹ̀, ó sì gba tábìlì kékeré kan lọ, níbi tí bíláíńdì ti jẹ́ 20 àti 40 náírà, tí owó ìjókòó sì jẹ́ 4,000. Inú ṣọ́ọ̀bù kan ni wọ́n ti ń ta á ní ọ̀sán Sátidé, kò sí jẹnẹrétọ̀, ẹnikẹ́ni kì í san nǹkan kan. 120,000 yẹn jẹ́ owó ìjókòó 30 níbẹ̀. Bó bá lọ sílẹ̀ dé 80,000, ìyẹn 20, á lọ sí tábìlì 10 àti 20 náírà, níbi tí 80,000 yẹn ti jẹ́ owó ìjókòó 40. Kò ní padà sí ọ̀dọ̀ wa àfi tó bá ní 300,000, kódà nígbà náà, ẹ̀yìn tí onílé bá ti dín owó epo kù ni.

Àìtẹ̀lé òfin yìí kì í sábà jẹ́ ti ìṣirò. Ojú ló máa ń tini. Ẹni tó ti ń jókòó pẹ̀lú àwọn olówó ìlú máa ń rò pé bí òun bá sọ̀kalẹ̀, wọ́n á ní òun ti kú. Mo mọ̀ ọ́n lára. Ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé kí ọjọ́ náà tó dé.

Fún alẹ́ kan ṣoṣo, owó ìjókòó méjì tó. Káàdì kò mọ̀ pé ẹ ti pàdánù, nítorí náà dídúró kò ní mú káàdì burú sí i, àmọ́ ẹni tó ti pàdánù ẹẹ́mejì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fi káàdì tí kì bá gbé lọ́sàn-án jagun lóru.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá oríire ni tàbí eré yín

Ìfì kì í ṣe àwíjàre fún gbogbo àdánù. Ohun tí ẹ lè ṣe ni pé kí ẹ kọ gbogbo ọwọ́ tí gbogbo owó ti wọ àárín kí káàdì tó ṣí tán. Ẹ kọ káàdì yín, káàdì ẹnì kejì, àti iye tó wà láàárín. Ẹ wá ṣírò ohun tó yẹ kó kàn yín.

Nínú ìwé àbúrò mi, mẹ́ta ló tóbi jù. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ní éésì méjì, ẹnì kejì ní kíńgì méjì, wọn kò tíì ṣí káàdì kankan. Éésì á borí ní ìgbà 82 nínú 100. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ti ní mẹ́sàn-án mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n ṣí káàdì mẹ́ta, ẹnì kejì ní káàdì ọkàn mẹ́rin, ó ń wá ìkarùn-ún. Tirẹ̀ á borí ní nǹkan bí ìgbà 74. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní kíńgì méjì, ẹnì kejì ní éésì kan àti kíńgì kan. Tirẹ̀ á borí ní nǹkan bí ìgbà 70. Ó fi 10,000 sílẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan, 20,000 sì wà láàárín. Ohun tó yẹ kó kàn án ni 16,400, 14,800 àti 14,000, àpapọ̀ 45,200. Tí a bá yọ 30,000 tó fi sílẹ̀, èrè 15,200 ló yẹ kó jẹ. Ó pàdánù gbogbo rẹ̀. Kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn báyìí jẹ́ nǹkan bí ìgbà 14 nínú 1,000, àmọ́ ẹni tó bá ń ta á lọ́dọọdún á bá irú rẹ̀ pàdé.

Àwọn ọwọ́ mẹ́ta yìí nìkan gbé 45,200 kúrò nínú ohun tó tọ́ sí i. Ẹ fi kún owó epo, ẹ rí i pé èyí tó ṣẹ́ kù nínú 100,000 náà kò tó láti fi dá eré rẹ̀ lẹ́bi.

Ó ní ibi tí àyẹ̀wò yìí mọ. Kò lè rí oríire tó wà nínú pé kíńgì yín ń bá éésì pàdé ní gbogbo ìgbà, tàbí pé ẹ ò rí káàdì tó ṣeé ta fún oṣù méjì. Síbẹ̀, bí ẹ bá ṣírò ohun tó tọ́ sí yín nínú gbogbo ọwọ́ bẹ́ẹ̀ tí àdánù ńlá sì ṣì wà níbẹ̀, ẹ wo ọwọ́ tí ẹ máa ń bá dé òpin pẹ̀lú káàdì tí kò lágbára. Ibẹ̀ ni owó sábà máa ń gbà jáde.

Àbúrò mi mú ìwé náà wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti pàdánù Sátidé mẹ́rin léra wọn nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, owó rẹ̀ sì wà ní 94,000. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ó ku 14,000 kí n sọ̀kalẹ̀.” A ka àwọn ọwọ́ ńlá rẹ̀ jọ, méjì nínú wọn la fi àmì sí pé kò yẹ kó gbé wọn. Sátidé yìí, 4,000 náírà ló tún ń gbé lọ.